Kí ni ìtumọ̀ ímeèlì tó ń sọ pé nǹkan ń bọ̀, tí kò sì sọ ohun tó ń bọ̀?

Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ímeèlì kan tí kò yé wọn. Oníṣòwò tí wọ́n ti ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ rí ló kọ ọ́. Ó ní nǹkan kan ń bọ̀ fún ọdún, àmọ́ kò sọ ohun tó jẹ́, kò sọ iye rẹ̀, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè tẹ̀ láti rà á. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òmíràn á tún dé. Àwọn tó ń rí i máa ń bi mí pé kí ló dé tí oníṣòwò náà kò kàn dúró kí ọjà jáde, kó wá sọ pé ọjà dé. Àwọn tó ń ṣòwò náà ń bi mí pé ṣé kí àwọn máa kọ irú rẹ̀, àti pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tí kò fi ní sú ènìyàn.

Ìtọ́wò ni èmi ń pè é. Ẹni tó ń ta gààrí mọ̀ pé oníbàárà á kọ́kọ́ ju díẹ̀ sẹ́nu kó tó sọ pé kí wọ́n wọn kọ́ńgò mélòó fún òun. Mo ń bá àbúrò mi obìnrin kan tó ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta kọ irú ímeèlì yìí. Aṣọ Kérésìmesì rẹ̀, ìró àti bùbá, ni n ó fi ṣe àlàyé, nítorí mo mọ bó ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yéni ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìtọ́wò àti ariwo. "Nǹkan ńlá ń bọ̀, ẹ máa retí wa!" kì í ṣe ìtọ́wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ọkàn lè dì mú. Ẹ wo àlọ́ àpamọ̀ tí gbogbo wa mọ̀: òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ẹni tó pa á ti sọ pé nǹkan kan ń hó, ó ti sọ pé ẹnì kan ki orí bọ inú rẹ̀. Orúkọ ọmọrogùn nìkan ló fi pamọ́. Ímeèlì ìtọ́wò tó dára rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ń fi ohun gidi hàn, ohun kan péré ló ń dá dúró, ó sì ń sọ ọjọ́ tí yóò tú u sílẹ̀. Èyí tí kò bá ní ọjọ́ nínú ló máa ń bí ènìyàn nínú. Ṣọ́ọ̀bù kan kọ irú rẹ̀ sí mi nígbà mẹ́fà lọ́dún kan, kò dá ọjọ́ kankan. Nígbà tí ọjà wá dé, àpótí ẹ̀bùn tí wọ́n tà lọ́dún tó ṣáájú ni, ríbọ́ńnì rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Mo yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí kí ará lè máa yá oníbàárà nìkan ni a fi ń kọ ọ́. Ìyẹn wà níbẹ̀, oníbàárà tó bá sì mọ ọjọ́ yóò lè ya owó sọ́tọ̀ kí owó oṣù tó tán. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọjà, èrè tó tóbi jù ni pé ìtọ́wò ń jẹ́ kó mọ iye tí yóò ṣe. Àwòrán kan lórí aṣọ adìrẹ ẹlẹ́kọ kì í ṣe iṣẹ́ wákàtí kan. Wọ́n á se ẹ̀kọ làfún, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya á sórí aṣọ, yóò gbẹ, wọ́n á rì í sínú aró lẹ́ẹ̀mélòó kan, wọ́n á wá ha ẹ̀kọ náà kúrò. Ẹni tó bá ṣe ọgọ́rùn-ún aṣọ tí àádọ́ta sì kù sílẹ̀ ti sọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ di ẹrù inú yàrá. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bi oníbàárà ní ìbéèrè kan, kí ìdáhùn rẹ̀ sì yí nǹkan padà nínú iṣẹ́ náà.

A ò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a fẹ́ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Láti ẹ̀yìn la ti kà á wá. Aṣọ Kérésìmesì tó bá dé lọ́jọ́ 27 oṣù kejìlá kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ 25, nítorí náà a ní kó dé ọwọ́ oníkálùkù ó pẹ́ tán lọ́jọ́ 18. Ẹni tó ń bá a kó ẹrù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ní òun fẹ́ gba ẹrù ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ìyẹn ọjọ́ 4. Rírán bùbá sí ìwọ̀n oníkálùkù àti dídì í gba ọjọ́ mẹ́wàá. Bí a ṣe kà á padà, a rí i pé alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ni a gbọ́dọ̀ ti ìlẹ̀kùn ọjà. A fún títà ní ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ 14 la sì ṣí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìyẹn jẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá, ọjọ́ náà ni lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó fún aṣọ. Bí ẹ bá fà á dé oṣù méjì, ẹni tó ka lẹ́tà àkọ́kọ́ á ti gbàgbé rẹ̀ kí ìkẹta tó dé.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ náà rèé, bó ṣe lọ gan-an. Àkọlé rẹ̀ ni "Ó ní òpó, kì í ṣe ilé".

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti oṣù tó kọjá ni a ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya nǹkan kan sórí aṣọ funfun ní ilé wa. Ó ní òpó, kì í ṣe ilé. Ó ní ṣíbí, kì í ṣe ilé ìdáná. Kérésìmesì la ń ya á dè. Lọ́jọ́ 27 oṣù yìí, a ó fi hàn yín. Lọ́jọ́ 14 oṣù tó ń bọ̀, ẹ ó lè rà á. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ fèsì sí lẹ́tà yìí, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa."

Àwòrán kan ṣoṣo ló bá a lọ: ọwọ́ àti ìyẹ́ lórí aṣọ, níbi tí ènìyàn ti lè rí ìlà méjì péré. Ẹ kíyè sí i pé àkọlé náà kúrú. Ojú fóònù kì í gba ju nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì lọ, ọ̀rọ̀ tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ á gé sí àárín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé ni gbólóhùn àkọ́kọ́ inú lẹ́tà tún máa ń yọjú. Bí gbólóhùn yẹn bá jẹ́ "Bí àwòrán kò bá hàn, tẹ ibí", ẹ ti fi àyè tó ṣe iyebíye ṣòfò. Àṣà kan sì tún wà láàárín wa tó yẹ ká fi sílẹ̀, ìyẹn ni kí ènìyàn kó gbogbo ọ̀rọ̀ sínú àwòrán kan bí pósítà, kó sì fi í ránṣẹ́ láìsí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kì í ṣí àwòrán nínú ímeèlì á rí àpótí òfìfo lásán.

Ènìyàn 14 fèsì. Mẹ́sàn-án nínú wọn gbà á: Ìbàdàndùn ni, àwòrán adìrẹ tó ní òpó Gbọ̀ngàn Màpó àti ṣíbí nínú. Inú àbúrò mi dùn gan-an, nítorí ìdáhùn tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ju ohunkóhun tí ẹ̀rọ lè kà lọ.

Nǹkan tí ẹ̀rọ ń kà yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Áàpù tí ẹ fi ń kọ ímeèlì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn á sọ fún yín pé ènìyàn báyìí ló ṣí lẹ́tà yín. Ẹ má fi ìyẹn pinnu nǹkan. Bó ṣe ń mọ̀ ni pé ó fi àwòrán kékeré kan tí ojú kò lè rí pamọ́ sínú lẹ́tà. Bí fóònù oníbàárà bá ti gbé àwòrán yẹn wá, ó kà á sí pé wọ́n ti ṣí i. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni ilé iṣẹ́ Apple ti ń gbé gbogbo àwòrán wá ṣáájú fún ẹni tó bá yàn án lórí fóònù rẹ̀, yálà onítọ̀hún ka lẹ́tà tàbí kò kà á. Nítorí náà, nínú àwọn tí ẹ rò pé wọ́n ṣí i, àwọn kan wà níbẹ̀ tí kò fojú kàn án rárá. Iye àwọn tó tẹ líǹkì àti iye àwọn tó fèsì ni kí ẹ máa wò.

Ìbéèrè gidi wà nínú lẹ́tà kejì, ti ọjọ́ 27. A fi odindi Ìbàdàndùn hàn wọ́n, a sì fi àwòrán kejì, Olókun, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye nìkan la fi pamọ́. A bi wọ́n pé èwo ni wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ́dún yìí, líǹkì kan sì wà lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi ní aṣọ 60 lọ́kàn láti ṣe, ó sì fẹ́ pín in ní dọ́gbadọ́gba, 30 àti 30. Ó ti ya 20 sílẹ̀, mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ló bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí 40 tó kù dúró de ìdáhùn.

Àdírẹ́sì 340 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tó tẹ Ìbàdàndùn jẹ́ 63, àwọn tó tẹ Olókun jẹ́ 28. A wò ó dáadáa, a sì rí i pé àdírẹ́sì márùn-ún tẹ líǹkì méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú kan náà tí lẹ́tà dé. Ènìyàn kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí àwọn ilé iṣẹ́ kan fi ń yẹ ímeèlì òṣìṣẹ́ wọn wò máa ń tẹ gbogbo líǹkì inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá jìbìtì ni. A yọ àwọn márùn-ún náà kúrò, ó wá ku 58 àti 23. Ó ju méjì lọ sí ẹyọ kan. Nígbà náà ni àbúrò mi pinnu pé Ìbàdàndùn yóò jẹ́ 42, Olókun yóò jẹ́ 18, ó sì ya 32 àti 8 kún èyí tó ti ní. Kò torí pé ènìyàn 81 tẹ líǹkì kó wá ṣe aṣọ 81. Ẹni tó ní aṣọ wu òun kò tíì sanwó. Ìdí tí ìṣirò náà fi wúlò ni pé ó fi hàn wá bí wọ́n ṣe fẹ́ ọ̀kan ju èkejì lọ.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí lẹ́tà àwọn kan kì í fi í dé rárá, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré lára láìmọ̀. Wọ́n á kọ lẹ́tà tó dùn, yóò sì wọ inú Spam lọ. Ohun tó sábà ń fà á ni pé wọ́n ń lo àdírẹ́sì tó parí sí @gmail.com láti inú áàpù tó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Gmail mọ̀ pé kì í ṣe òun ló fi í ránṣẹ́, ó sì lè kà á sí ayédèrú. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Gmail àti Yahoo ti mú ọ̀rọ̀ yìí le sí i. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ló ni orúkọ tó wà lókè lẹ́tà. Ẹ ra orúkọ wẹ́ẹ̀bù tiyín, kí àdírẹ́sì yín parí sí i, kí ẹni tó bá yín ṣe é sì fi ẹ̀rí mẹ́ta sí i: SPF, DKIM àti DMARC. Áàpù tí ẹ ń lò ló máa fún yín ní ohun tí ẹ ó kọ fún méjì àkọ́kọ́. Ìkẹta, tó bá kéré tán, kò ju báyìí lọ, abẹ́ orúkọ `_dmarc` ni wọ́n sì ń fi í sí:

```
v=DMARC1; p=none
```

Kí orúkọ tuntun náà má ṣe dédé kọ lẹ́tà sí gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan. A fi oṣù kẹsàn-án kọ lẹ́tà kúkúrú sí àwọn oníbàárà tó sún mọ́ wa jù, ogún lọ́jọ́ kan, àádọ́ta lọ́jọ́ mìíràn, kí Gmail lè mọ̀ wá kí ìtọ́wò tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ra aṣọ tí wọ́n sì gbà pé ká máa kọ̀wé sí wọn nìkan ni 340 náà. Ẹ má kó àdírẹ́sì láti inú ìwé àpèjẹ ìgbéyàwó tàbí láti inú ẹgbẹ́ Wáàsáàpù. Gmail ń béèrè pé kí àwọn tó ń tẹ Spam má dé 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ènìyàn 340, ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé yín dé ibẹ̀. Nítorí náà, líǹkì tí ènìyàn fi ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò gbọ́dọ̀ hàn ketekete nísàlẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá rí i ló máa ń tẹ Spam. Ènìyàn mẹ́rin jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tiwa, kò sì dùn wá.

Lẹ́tà kẹta lọ lọ́jọ́ 7 oṣù kọkànlá. Iye aṣọ wà nínú rẹ̀, owó tí gbígbé ẹrù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston yóò ná wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tí ọjà yóò tì. A sọ ọ́ kedere pé 60 péré ni gbogbo aṣọ náà. Òótọ́ ni, aró tó wà nílẹ̀ kò sì gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, ẹ má kọ ọ́, nítorí oníbàárà tó bá rí aṣọ náà lọ́jà lóṣù kìíní kò ní gbà yín gbọ́ mọ́. Líǹkì kan ló wà níbẹ̀: kí ẹni tó bá fẹ́ rà á ṣáájú àwọn tó kù fi orúkọ sílẹ̀. Ènìyàn 49 fi orúkọ sílẹ̀.

Ibí yìí ni a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe. A fẹ́ kọ aago tí ọjà yóò ṣí, àbúrò mi sì ti kọ ọ́ pé aago mẹ́ta ọ̀sán ní Abẹ́òkúta àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó jóòótọ́ nígbà tí a kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, àwọn ará Bìrìtìkó máa ń dá aago wọn padà ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, àwọn ará Amẹ́ríkà náà á dá tiwọn padà. Àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìtọ́wò Kérésìmesì gan-an ni méjèèjì máa ń bọ́ sí. Aago mẹ́ta ọ̀sán tiwa lọ́jọ́ 14 jẹ́ aago méjì ọ̀sán ní Lọ́ńdọ̀nù àti aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Houston. A kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, oníkálùkù lórí ìlà tirẹ̀.

Lọ́jọ́ 13, lẹ́tà kẹrin lọ sọ́dọ̀ àwọn 49 nìkan, líǹkì ìrajà sì wà nínú rẹ̀. A ti kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí ara wa, a fi fóònù méjì tẹ líǹkì náà, a ra aṣọ kan, a sì dá owó rẹ̀ padà. Kò sí ohun tó burú tó pé kí ènìyàn retí nǹkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí líǹkì wá má ṣiṣẹ́. Aṣọ 22 ló lọ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ 14, lẹ́tà tó sọ pé ọjà ti ṣí lọ sọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó kù, ṣùgbọ́n a yọ àwọn tó ti rà kúrò nínú rẹ̀. Ó máa ń dun ènìyàn láti sanwó lánàá kí wọ́n tún wá máa bẹ̀ ẹ́ lónìí pé kó wá rà. Aṣọ 24 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 23, sí àwọn tó ti tẹ líǹkì kan rí ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì rà. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: Ìbàdàndùn ku mẹ́ta, Olókun ku mọ́kànlá, ọjà á tì lóru òní. Aṣọ mẹ́jọ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn Ìbàdàndùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú wọn. Olókun mẹ́fà ló ṣẹ́ kù, wọ́n sì tà wọ́n ní Abẹ́òkúta níbẹ̀.

Lọ́jọ́ 26, oníbàárà kan kọ̀wé láti Houston pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lẹ́tà náà ni, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò lè rí Ìbàdàndùn kan. Àbúrò mi ní aṣọ funfun kan tó lè yà, ó sì fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ó ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀, láti yíyà dé gbígbẹ dé aró dé ọwọ́ télọ̀, kò bá ọjọ́ 4 mu. Ó fèsì pé kò ní dé kí Kérésìmesì tó pé, ó bẹ̀ wọ́n, ó sì kọ orúkọ wọn sí òkè ìwé àwọn tí yóò kọ́kọ́ gba lẹ́tà aṣọ Ọdún Àjíǹde.